Lẹ́tà sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Nítorí Ẹsẹ̀ Tèmítọ́pẹ́ Tó Rọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 2026

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́,
Nípasẹ̀ olùkọ́ kíláàsì àti olùkọ́ eré ìdárayá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

MO Ń TỌRỌ ÀYÈ KÍ TÈMÍTỌ́PẸ́ MÁ ṢE ERÉ ÌDÁRAYÁ TÓ LE

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Èmi ni ìyá Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọdún 11 tó wà ní kíláàsì kẹfà. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú eré sísá, fífò, bọ́ọ̀lù gbígbá àti eré yòówù tó gba agbára ẹsẹ̀, láti òní títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, tí dókítà yóò tún ẹsẹ̀ náà yẹ̀ wò.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nílé, ó ṣi ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì yí wọnú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé a ò rí kókósẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti kó sábẹ́ awọ ara níbẹ̀, ó dúdú. Ilé ìwòsàn la gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, egungun kankan kò ṣẹ́. Dókítà ní iṣan tó so egungun mọ́ egungun ní ẹ̀gbẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ ló fà ju bó ṣe yẹ lọ, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì já. Ìwé tí dókítà kọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo lè fi ìwé dókítà nìkan ránṣẹ́ kí n má yọ yín lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ yìí yóò sọ fún yín pé ara òun ti yá. Kò ní jẹ́ irọ́ lójú tirẹ̀, torí pé dókítà ti ṣàlàyé fún wa pé ìrora a máa tètè lọ, wíwú náà a sì máa lọ sílẹ̀, nígbà tí iṣan ọ̀hún kò tíì jiná rárá. Àsìkò yẹn gan-an ló léwu jù. Ẹsẹ̀ kò tíì gbóyà láti dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, bí ó bá sì tún rọ́ lójú ibì kan náà, ó lè di ẹsẹ̀ tí yóò máa yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ títí tí yóò fi dàgbà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe wíwú tí mò ń fojú rí yìí.

Ẹ mọ̀ pé ó wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n yàn láti sá eré tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ó dùn ún gan-an. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó rò pé mi ò sí nítòsí, ó di ògiri mú, ó sì gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò. Mo rí bó ṣe deyín mọ́ ètè rẹ̀ tí ó sì yára jókòó. Nígbà tí mo béèrè, ó ní kò dun òun. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ní òun ti lè sáré, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe é. Ẹ béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ báyìí, kí àwọn mẹ́ta yòókù lè ráyè múra sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ó jókòó gbagidi o. Dókítà fẹ́ kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú níwọ̀n bí kò bá ti ń dùn ún, kí ó sì máa yí ọrùn ẹsẹ̀ náà. Ó máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ álífábẹ́ẹ̀tì sínú afẹ́fẹ́ láràárọ̀, láti A dé Z. Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré, inú mi yóò dùn bí ẹ bá jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ wọn, kí ó máa di aago mú, kí ó máa kọ àmì ayò sílẹ̀, tàbí kí ó jókòó ṣe èyí tó jẹ́ ti apá àti èjìká. Kí ó dá wà nínú kíláàsì nígbà tí ariwo wọn ń wọlé látìta, ìyẹn á le fún un.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan tún kù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì wọn wà, ẹ bá mi yọ̀ǹda kí ó máa jáde ṣáájú kí aago tó lù, kí èrò má baà tì í lórí àtẹ̀gùn. Bàtà olókùn tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú ni yóò máa wọ̀ dípò bàtà ilé-ẹ̀kọ́. Báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri tàbí tó yí àwọ̀ padà, báńdéèjì náà ti fún jù nìyẹn, kí ẹ tú u. Mo ń fún un ní oògùn ìrora nílé, ẹ má ṣe fún un ní òmíràn láìpè mí, kí ó má baà lò ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ẹsẹ̀ náà bá tún rọ́, tàbí kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ara lásán. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n má sì fi ìpara gbígbóná ra á, bó ti wù kí onítọ̀hún mọ̀ ọ́n ṣe tó. Nọ́ńbà fóònù mi wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tó wọlé, mo lè tètè dé.

Bí dókítà bá ní ó ti tó lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta, kò ní bọ́ sínú eré lójú ẹsẹ̀. Ìrìn kíákíá ni yóò kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn ìyẹn eré sísá gbọọrọ, kí ó tó wá kan yíyí bìrí àti fífò. N ó mú ìwé tuntun wá fún olùkọ́ eré ìdárayá, kí a lè jọ sọ bí yóò ṣe lọ.

Ẹ ṣeun gan-an fún àbójútó tí ẹ ń ṣe lórí wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Tèmítọ́pẹ́