Àwọn ìwé inú páálí yìí, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Sístà àti gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Ẹ kú àìsùn. Èmi ni ọmọ Tíṣà orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá nítorí egungun itan. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí, wọ́n sì ní kí n kí yín dáadáa. Ìwé mẹ́tàlélógún ló wà nínú páálí, tiwọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ́ tó láti rí i pé ìwé tó tu ẹnì kan lára lè da ọkàn ẹlòmíràn rú.

Kí ẹ tó bi aláìsàn pé irú ìtàn wo ló fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe dùbúlẹ̀. Ẹni tí wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ tọ̀sán tòru. Òkè ojú ara rẹ̀ ni yóò gbé ìwé sí kó tó lè kà á, kò sì ní í pẹ́ tí apá á fi máa ro ó. Lóru ọjọ́ kan, ìwé já lọ́wọ́ bàbá mi, etí rẹ̀ sì bà wọ́n nímú títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi tú ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjì Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí wọ́n ní sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì fi òwú funfun rán ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ó dun bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí ìwé ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé apá kan lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó fúyẹ́ bí ìwé àdúrà. Gbogbo èyí tó bá ní òwú funfun, ti àwọn tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá wà lára wọn, eré orí ìtàgé ni, kò sì nípọn.

Ní ti Ògbójú Ọdẹ yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan. Láti ọdún 1938 tí D. O. Fágúnwà ti gbé e jáde, ìwé à-kà-sétí ni. Ṣebí Àkàrà-Ògùn ń sọ ìtàn, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín gan-an nìyẹn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún bàbá àgbẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún tí kò mọ̀wé. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹni tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ń pariwo pé kí wọ́n gbé ohùn sókè. Tí ẹ bá ní àgbàlagbà tí ojú ń dùn, tàbí ẹni tí kò kàwé, ẹ wá ẹni tó lóhùn nítòsí rẹ̀, kí ẹ fún un ní apá kẹta, níbi tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèjé lórí Òkè Láńgbòdó. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèjé fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí àlejò bá ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn fún ẹni tí kò mọ ìgbà tó máa lọlé.

Apá kìíní ńkọ́? Àgbákò wà níbẹ̀, iwin olójú mẹ́rìndínlógún. Ẹ má fún ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀, tàbí ẹni tí oògùn ìrora ń mú sọ ìsọkúsọ lóru. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé rárá. Ẹ jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ ọ̀kadà ló pọ̀ jù nínú wọ́ọ̀dù yín, ọ̀pọ̀ wọn á sì sọ pé àwọn kò lè ka Yorùbá. Wọ́n lè kà á. Àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ti Adébóyè Babalọlá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn, torí wọ́n ti mọ orin inú rẹ̀ láti kékeré, ẹnu á máa ṣáájú ojú. Aláwíyé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má fà á lé àgbàlagbà lọ́wọ́ àfi tó bá fúnra rẹ̀ béèrè. Ojú á tì í. Ọmọdé tó bá wá kí bàbá rẹ̀ ló ni ín.

Lẹ́yìn àlọ́, Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Lápàdé tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ àti Tàfá Ìgìrìpá kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ara ríro. Ọ̀rọ̀ wọn ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ má fún ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ dá, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀. Ẹ̀rín á dùn ún wọnú eegun.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìwé mẹ́ta ni mo fi bébà kàléńdà bò lẹ́yìn, bí a ti máa ń ṣe fún ìwé ilé-ìwé. Nígbà tí bàbá mi wà níbẹ̀, ẹnì kan gbé Ó Le Kú sórí kọ́bọ́ọ̀dù ọkùnrin kan tó ń lọ sí tíátà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwa mọ̀ pé ìtàn ìfẹ́ ni, Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìyàwó. Ìyàwó ọkùnrin náà kò mọ̀. Ó ka orúkọ ìwé, ó ká a mọ́ ìró rẹ̀, ó jáde lọ sunkún lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé náà rí bẹ́ẹ̀: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ta ni ẹ fẹ́ gbé orúkọ yẹn síwájú rẹ̀ nígbà tí ará ilé rẹ̀ ń sáré owó ẹ̀jẹ̀ kiri? Ẹ̀kẹta ni Rẹ́rẹ́ Rún. Ìbànújẹ́ Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú eré náà, pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń fi igi rìn lọ sí balùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fún ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ṣí bébà náà kúrò.

Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ẹ má sáré gbé ìwé kankan lọ bá a. Mo rí ọ̀kan tó kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ dúró dìgbà tó bá béèrè iye tí wọ́n ń ta igi ìrìn. Nígbà náà, Kúyẹ̀ ti J. F. Ọdúnjọ, ìtàn ọmọ òrukàn adití tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé ìwé wà níbẹ̀ tó bá fẹ́. Ẹ má sọ fún un pé ó jọ tirẹ̀.

N kò kó Bíbélì tàbí Kùránì sí i, kálukú máa ń mú tirẹ̀ wá.

Ìwé tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni tí egbò rẹ̀ ń ṣe ọyún, kó má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó gbé e lọlé. Àwọn yòókù, mo ti fi ọ̀rá wé ẹ̀yìn wọn kí ẹ lè fi òwú àti sípírítì nù ún. Kí ẹni tó fẹ́ kà á sì fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ ó rí ìkọ̀wé pẹ́ńsù bàbá mi létí ojú ìwé níbi púpọ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan: "Tíṣà, mo ti kà á dé ibí."

Mo ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní àkókò àbẹ̀wò ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá ya, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú páálí, n ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá.

Èmi ni, ọmọ Tíṣà bẹ́ẹ̀dì kẹrin.