Ìwé Àyẹ̀wò: Àwòrán Ìgò Ìyẹ̀fun Kòkó, Àkúrẹ́

Fáìlì tí à ń yẹ̀ wò: `koko-iwaju-02.png`, àwòrán tí ẹ̀rọ AI yà

Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ tí oníbàárà fọwọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kí ẹ sì gbé ìgò gan-an sórí tábìlì. Ẹ má fi ohun tí ẹ rántí ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá rí àwòrán yìí lórí Wáàsáàpù, tó wá ra ìgò ní Ọjà Ọba, tí méjèèjì ò jọra, oníbàárà wa ni yóò pè ní oníjìbìtì. Kò mọ ẹ̀rọ tó yà á.

Ìwò àkọ́kọ́, lórí fóònù

Ìgò gíláàsì kan, ìdérí dúdú, èso kòkó méjì lápá òsì, Òkè Ìdànrè lẹ́yìn. Ohun tó bá lé àti ohun tó bá dín, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó sún àwòrán mọ́jú.

Ìwọ̀n

Ìgò ga ní sẹ̀ǹtímítà 14 pẹ̀lú ìdérí, ó sì fẹ̀ ní 7. Bí gíga rẹ̀ lójú àwòrán bá jẹ́ píkísẹ́lì 1400, fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí 700. Bí kò bá tó 680, tàbí tó kọjá 720, ẹ dá a padà. Gíga ìdérí: nǹkan bí píkísẹ́lì 200.

Lébẹ́ẹ̀lì ló máa ń tan ojú jẹ jù. Tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ṣùgbọ́n ara ìgò yípo, nítorí náà, láti iwájú, bíi 5.3 ni ojú máa rí, ìyẹn nǹkan bí píkísẹ́lì 530. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 600, pẹlẹbẹ ni ẹ̀rọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ẹ wo àwọn lẹ́tà etí rẹ̀ náà: wọ́n gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju ti àárín lọ.

Òkè díẹ̀ la ti ń wo ìgò náà. Bí orí ìdérí bá yípo kedere, tí ìdí ìgò wá tọ́ bí ìlà, ibi méjì ni wọ́n ti wò ó pọ̀. Kò ṣeé tún ṣe. Kí wọ́n yà á tuntun.

Ọ̀rọ̀ ara lébẹ́ẹ̀lì

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nìyí:

ÌYẸ̀FUN KÒKÓ
Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀
200 g
A ṣe é ní Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú tó ti mọ ọ̀rọ̀ máa ń fo àṣìṣe. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń bà á jẹ́ ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà: á fi àmì ohùn òkè sí ibi tí ti ohùn ìsàlẹ̀ wà, tàbí kó ju àmì abẹ́ Ẹ nù. Àṣìṣe kan péré, ẹ dá a dúró. Ẹ má sọ pé kí ẹ̀rọ tún un kọ, nítorí ó lè tún ibì kan ṣe kó ba òmíràn jẹ́. Fáìlì lébẹ́ẹ̀lì tí a fi tẹ̀wé gan-an ni kí ẹ gbé lé e. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà kankan lórí oúnjẹ tí èèyàn máa jẹ.

Ẹ̀yìn ìgò ni bákóòdù àti nọ́ńbà NAFDAC wà. Bí wọ́n bá hàn níwájú, ẹ̀rọ ló dá wọn sílẹ̀. Fún àwòrán ẹ̀yìn, 615 ti Nàìjíríà ni bákóòdù gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí fóònù sì lè kà á.

Ohun tí kì í rí bẹ́ẹ̀ láyé

Ará Oǹdó ló máa rí àwòrán yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dàgbà nínú oko kòkó. Bí igi bá hàn, ara igi àti àwọn ẹ̀ka ńlá ni èso ti ń so, kì í fì ní ṣóńṣó ẹ̀ka bíi máńgòrò. Bí ọ̀kan nínú èso méjèèjì bá là, hóró inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹran funfun tó ń yọ̀. Hóró gbígbẹ nínú èso tútù, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Àwọ̀ ìyẹ̀fun: búráwùn fẹ́ẹ́rẹ́. Kòkó wa kò gba álíkálì, nítorí náà kò gbọdọ̀ dúdú tàbí pọ́n. Ẹ gbé e wò mọ́ ìyẹ̀fun inú ìgò, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Òkè Ìdànrè jẹ́ àpáta ńlá tí orí wọn rí róbótó. Bí orí wọn bá mú ṣóńṣó, tàbí tí yìnyín wà lórí wọn, òkè ilẹ̀ ibòmíràn ni.

Òjìji ìgò àti ti èso: ọ̀nà kan náà ni kí wọ́n kọjú sí.

Ìdájọ́

Ìwọ̀n ìgò, ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì, àwọ̀ ìyẹ̀fun: bí ọ̀kan bá yẹ̀, àwòrán kò jáde. Òjìji àti ẹ̀yìn àwòrán ṣeé tún ṣe lọ́wọ́. Èèyàn méjì ni yóò fọwọ́ sí i, ẹni tó ní kí ẹ̀rọ ya àwòrán kò sì gbọdọ̀ wà lára wọn.