Kapasítọ̀ Tí Kò Wú

Tẹlifíṣàn oní-ínṣì 32 tí ìyá aránṣọ kan gbé láti Mọ́kọ́lá wá sí ìsọ̀ Ọ̀gá Ràjí ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kò tan iná pupa rẹ̀ rárá. Ìyá náà ní iná ọba lọ, ó dé, ó tún lọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ sì ti dákẹ́. Ọ̀gá Ràjí gbé iṣẹ́ náà lé Kọ́lá lọ́wọ́, ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ti lo oṣù méje lẹ́nu ẹ̀kọ́, ó sì padà sídìí rédíò tó ń tún ṣe.

Kò pẹ́ tí Kọ́lá fi tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tó yọ bọ́ọ̀dù páwà jáde, tí inú rẹ̀ sì dùn. Kapasítọ̀ kan, èròjà tó ń tọ́jú iná pamọ́, lápá ibi tí iná ti ń jáde lọ sí bọ́ọ̀dù ńlá, oní 1000 maikirofárádì àti fóòtì 16, ti wú lórí bí àkàrà. Ó tú u, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó ki ẹ̀rọ bọ iná. Ẹ̀rọ kò mira. Ó yọ ọ́, ó na ọwọ́ láti yí bọ́ọ̀dù padà, ni ọ̀gá rẹ̀ bá gbá a lọ́wọ́ mú.

“Kọ́lá, ta ló sọ fún ọ pé iná ti kúrò níbẹ̀?”

“Mo ti yọ wáyà lára ògiri, sà.”

Ọ̀gá Ràjí fi ẹnu mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ kapasítọ̀ tó tóbi jù lórí bọ́ọ̀dù náà; mítà ka fóòtì 298. Ó ṣàlàyé pé iná 220 tí a ń gbà lára ògiri, bí ó bá ti gba inú dáódù mẹ́rin kọjá tó sì kún kapasítọ̀ yẹn, á ga tó fóòtì 310, àti pé páwà tó ń ṣiṣẹ́ á fa iná náà mu tán fúnra rẹ̀ bí a bá yọ wáyà, ṣùgbọ́n èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá kò ní ohun tí yóò fà á, nítorí náà iná á lúgọ síbẹ̀ de ọwọ́ ẹni tí kò fura. Ó mú gílóòbù tó ti so wáyà méjì mọ́ nídìí, ó fi kan ibẹ̀. Gílóòbù bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mítà wálẹ̀ sí 2.

“Mítà yẹn ti ròyìn fún wa. Fíúsì ò já, dáódù ò bàjẹ́, iná ń dé ibí. Iwájú ibí ló ti há.”

Ó gba inú gílóòbù wáàtì 100 fún ẹ̀rọ níná, kí ohunkóhun má baà jóná bí àṣìṣe bá wà, ó sì ní kí Kọ́lá wọn ẹsẹ̀ tí àìsíì, èròjà tó ń darí páwà náà, fi ń gba iná tó ń jẹ. Mítà ka 15, ó sọ̀ sí 9, ó tún gòkè sí 15, bí ẹni tó ń mí hẹlẹ. Ọ̀gá ní àìsíì ń jí, ṣùgbọ́n kapasítọ̀ kékeré tó yẹ kó fún un lóúnjẹ títí tíránsífọ́mà yóò fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní nǹkan nípamọ́ mọ́. Kọ́lá wò ó: 47 maikirofárádì, fóòtì 50, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

“Ọ̀gá, èyí ò wú.”

“Kékeré kì í sábà wú. Ńṣe ló máa ń gbẹ. Wo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru ibẹ̀ ló ti fa omi inú rẹ̀ tán.”

Ó ránṣẹ́ lọ yá ẹ̀rọ tí onídìrí ìsọ̀ kejì fi ń gbẹ irun, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí orí kapasítọ̀ náà láti òkèèrè. Nígbà tó yá, iná pupa tàn. Ooru a máa tún irú kapasítọ̀ bẹ́ẹ̀ jí fún ìgbà díẹ̀, ọgbọ́n yìí sì wúlò púpọ̀ fún ìsọ̀ tí kò lówó mítà olówó ńlá. Wọ́n pa iná, wọ́n tún fi gílóòbù fà á gbẹ, Kọ́lá sì yọ kapasítọ̀ náà kó tó wọ̀n ọ́n. Dípò 47, mítà ka 3.

Ọ̀gá rán an lọ ra òmíràn, èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n ooru 105 sí lára, kì í ṣe 85, ó sì ní kó wọ̀n ọ́n níwájú olùtajà kó tó sanwó, nítorí àwọn kan wà lọ́jà tí ike wọn tóbi ju ohun inú wọn lọ. Nígbà tó dé, ó kọjú ìlà funfun ara rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kùn sórí bọ́ọ̀dù fún ẹsẹ̀ òdì, ó jó o mọ́lẹ̀, ó ki ẹ̀rọ bọ iná. Iná pupa tàn, kò sì kú mọ́.

“Ọ̀gá, ṣé kí n dá ti àkọ́kọ́ tí mo pààrọ̀ padà?”

“Ó wú àbí kò wú?”

“Ó wú, sà.”

“Fi tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Kapasítọ̀ méjì ni kó o kọ sínú ìwé owó ìyá náà.”