Ìtọ́jú Ọpọlọ àti Ọkàn Nínú Ètò Ìlera Òṣìṣẹ́: Iye Ìjókòó, Àwọn Tí Ẹ Lè Lọ Bá, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Owó Yín Padà

Ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lórí abala yìí kì í ṣe ti owó. "Ṣé ọ̀gá mi á gbọ́?" ni. Kò ní í gbọ́. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ìwé yín ń lọ tààrà, kì í gba tábìlì wa kọjá. Ohun tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa lópin ọdún kò ju àpapọ̀ owó tí wọ́n ná lórí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ: kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí irú àìsàn. Ẹ kò nílò kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí ohunkóhun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjókòó bá bọ́ sí àkókò iṣẹ́, "mo ń lọ rí dókítà" ti tó.

Ẹ̀tọ́ yìí kan òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya tó wà lórí káàdì rẹ̀, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 23. Iye tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ìjókòó tí ìyàwó bá lọ kò dín ti ọkọ kù.

Ohun tí ètò ń san fún

Ìsoríkọ́, títí kan èyí tó máa ń bá abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ, àníyàn àpọ̀jù, ìpayà tó kù lára lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, bárakú ọtí àti oògùn, ìṣòro oúnjẹ jíjẹ, àti ọ̀fọ̀ tàbí ìyípadà ayé tó bá ti kọjá agbára ẹni. Adójútòfò nílò àmì àìsàn, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn náà nínú ìwé ìsọ̀rí àìsàn àgbáyé, kó tó sanwó. F32.1 ni ìsoríkọ́ tó wà ní àárín, tí kò kéré tí kò sì tíì le, F41.1 ni àníyàn tí kì í fini sílẹ̀, F43.2 ni ti ẹni tí ìyípadà ńlá dà láàmú. Olùtọ́jú ló máa kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ètò kì í san fún ìlàjà tọkọtaya tí kò sí àìsàn nínú rẹ̀ (bí Z63.0 nìkan bá wà lórí ìwé, wọ́n á dá a padà), ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ àti ipò, tàbí àyẹ̀wò tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ní àìsàn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tí olùtọ́jú sì fẹ́ kí èkejì wà níbẹ̀, ìjókòó ẹni tó ń ṣàìsàn ni wọ́n á kà á sí, wọ́n á sì san án.

Iye ìjókòó

Ìjókòó 24 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá. Èyí tó bá ṣẹ́kù kì í wọ ọdún tuntun. Ìjókòó kan jẹ́ nǹkan bí iṣẹ́jú 50. Èyí tó bá dé iṣẹ́jú 90 di méjì, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó pẹ́. Ìjókòó ẹgbẹ́ méjì ló máa ń di ẹyọ kan.

Ohun mẹ́ta ni wọn kì í kà mọ́ 24 yìí. Àkọ́kọ́ ni ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀, tí olùtọ́jú ti ń wádìí ohun tó ń ṣe yín. Èkejì ni ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ nítorí oògùn: oògùn ìsoríkọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó bá yín lára mu. Ẹ̀kẹta ni ìjókòó tí ẹ kò lọ. Ẹ̀yin lẹ máa san ìyẹn lápò ara yín bí ẹ kò bá fagi lé e ní wákàtí 24 ṣáájú.

Ẹ fojú sí ìjókòó kejìdínlógún. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí olùtọ́jú yín kọ̀wé béèrè àfikún 12 bí ara kò bá tíì yá. Lẹ́tà ojú ìwé kan ti tó: ohun tó ti yí padà, ohun tó kù, àti àmì ìwọ̀n bíi ti PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìsoríkọ́, tó máa ń lọ láti 0 dé 27, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Ìdáhùn ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí 24 pé á kàn jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, lásìkò tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra.

Ìdúró sí ọsibítù jẹ́ ọjọ́ 30 lọ́dún, ẹ sì nílò àṣẹ ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun, ẹ má dúró de àṣẹ kankan. Ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé e lọ, ì báà má sí lórí ìwé wa, kí ẹ sì fi tó adójútòfò létí láàárín wákàtí 48.

Àwọn tí ẹ lè lọ bá

Oníṣègùn ọpọlọ, onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí, nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ, àti agbaninímọ̀ràn tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà lè gbà yín nímọ̀ràn tó dáa gan-an, àmọ́ adójútòfò kò ní í san án. Ìjókòó orí fídíò kò yàtọ̀ sí ti ojúkojú.

Orúkọ àwọn tí a bá ṣe àdéhùn wà lójú òpó adójútòfò. Lọ́dọ̀ wọn, ètò á san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìdá 60 ni, iye àdéhùn wa ni wọ́n sì máa fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí olùtọ́jú náà pè. Bó bá gba 100, tí iye àdéhùn jẹ́ 80, ohun tí ẹ máa rí gbà jẹ́ 48. Ẹ̀yin lẹ gbé 52 yòókù.

Bí kò bá sí ẹni tó lè rí yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15, tàbí tó gbọ́ èdè tí ẹ lè fi sunkún, ẹ kọ̀wé sí adójútòfò kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Ìdá 90 náà ni wọ́n máa san. Àwọn tó ń lo ẹ̀tọ́ yìí kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ẹ ṣe máa gba owó yín

Lọ́dọ̀ ẹni tó wà lórí ìwé, ẹ fi káàdì hàn, ẹ fọwọ́ síwèé, ẹ san ìdá 10. Ó tán.

Níbòmíràn, ẹ san gbogbo owó, kí ẹ gba rìsíìtì. Rìsíìtì yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó sọ pé "ìtọ́jú oṣù Kẹta, ìjókòó mẹ́rin" á padà wá bá yín. Ọjọ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye iṣẹ́jú àti owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà orúkọ yín bó ṣe wà lórí káàdì, àmì àìsàn, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ olùtọ́jú, àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dìde níbẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi í pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó sójú òpó láàárín ọjọ́ 90 sí ọjọ́ ìjókòó. Láti ọjọ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á ti máa kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí rìsíìtì jáde, nítorí náà ẹ má kó o jọ dópin ọdún. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè "ìdí ìtọ́jú", àmì àìsàn nìkan ti tó. Àwọn kan máa ń kọ ìtàn ayé wọn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Owó á wọ àkáǹtì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15.

Bí wọ́n bá kọ̀, ìwé ìdáhùn gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlàfo orí rìsíìtì, ẹ tún un ṣe kí ẹ fi í ránṣẹ́ padà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní ìtọ́jú náà kò pọn dandan, ẹ ní ọjọ́ 60 láti sọ pé kò tẹ́ yín lọ́rùn. Dókítà tí kò sí níbi ìpinnu àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìjókòó yín bá ṣì ṣẹ́ kù nínú 24, ẹ máa lọ ní tiyín kí ìdáhùn tó dé.