Lẹ́tà Ìdúpẹ́ sí Ògbufọ̀ Àgbà Tí Ó Bá Wa Ṣiṣẹ́ ní Àpérò Àwọn Agbẹ̀bí

Sí ògbufọ̀ wa àgbà, ẹni ọ̀wọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ sì kú làálàá ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi etí, ẹnu àti ọpọlọ ṣiṣẹ́ nítorí wa. Mo ń kọ lẹ́tà yìí lórúkọ ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò àpérò àwọn agbẹ̀bí, mo sì ń kọ ọ́ lórúkọ ara mi pẹ̀lú, nítorí pé mo fojú ara mi rí àwọn nǹkan kan láti orí àga akọ̀wé, tí n kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ sọnù sínú ìdúpẹ́ wéréwéré tí alága ṣe nígbà tí oníkálùkù ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìgbìmọ̀ wa kò fẹ́ kí a fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo oore yín.

Èdè mẹ́rin ni a sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí àti Yorùbá. Ní àwọn ìpàdé wa àtẹ̀yìnwá, ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí ẹnì kan tí ó gbédè díẹ̀ jókòó ti àwọn tí kò gbọ́, kí ó máa ṣàlàyé fún wọn ní ṣókí bí ọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́. Ó dára ju kí wọ́n má gbọ́ rárá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti fẹnu kò kò lè dá sí i mọ́, àfi kí ó mi orí. Ohun tí iṣẹ́ yín fún wa lọ́tẹ̀ yìí ju gbígbọ́ lọ. Àwọn ìyá àgbà tí wọn kò gbọ́ ju Yorùbá lọ nawọ́ sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, wọ́n béèrè, wọ́n takò, wọ́n sì yí ìpinnu méjì padà kí a tó dìbò lé wọn lórí. Bí ìtumọ̀ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan péré, ọwọ́ wọn ìbá dé lẹ́yìn tí a ti ṣí ojú ìwé mìíràn.

N kò ní gbàgbé bí ẹ ṣe múra sílẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé gbogbo olùbánisọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ sì fi àwọn ìbéèrè ránṣẹ́ padà sí wa nípa oògùn, nípa ohun èlò àti nípa ìlànà ìgbẹ̀bí, àwọn ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ débi pé dókítà kan nínú ìgbìmọ̀ wa béèrè bóyá ẹ ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Ẹ tún pe méjì nínú àwọn ìyá àgbà wa lórí fóònù kí ẹ lè mọ orúkọ tí àwọn gan-an fi ń pe nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ sétí, èdè ara wọn ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Olùbánisọ̀rọ̀ kan ń ka ìwé rẹ̀ ní Faransé lórí ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń ya lẹ́yìn ìbímọ, ó sì ń kà á kíákíá nítorí pé àkókò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó sọ̀rọ̀ lórí lílo oògùn misopurositọ́ọ̀lù níbi tí abẹ́rẹ́ ọkisitósìn kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ó dárúkọ 600 máíkírógíráàmù, lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ 800, kò sì sọ èwo ni ti ìdènà tàbí èwo ni ti ìtọ́jú. Mo ń wò yín láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yàrá ògbufọ̀ yín. Alábàáṣiṣẹ́ yín ti kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, ó sì tì í sí iwájú yín, ẹ sì fi ìka tọ́ka sí i. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn yín ní Faransé, tí ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ alága pé kí olùbánisọ̀rọ̀ jọ̀wọ́ sọ èwo ni ó wà fún kí ni. Olùbánisọ̀rọ̀ dúró, ó sì ṣàlàyé pé 600 ni a máa ń fún ìyá láti gbé mì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, pé 800 sì ni a máa ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya. Gbogbo gbọ̀ngàn ni ó tẹ̀ síwájú láti kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n gbọ́ Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀ mìíràn ìbá sọ nọ́ńbà méjèèjì bí ó ṣe gbọ́ wọn, kí ó sì kọjá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń gbọ́ yín ń lọ lo nọ́ńbà yẹn fún ìyá ọlọ́mọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni agbẹ̀bí kan dìde, tí ó fi Potogí sọ ìtàn ìyá tí ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ yín nínú yàrá kejì ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin sì ń gba Gẹ̀ẹ́sì yẹn sọ di Yorùbá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà ń gba ẹnu ènìyàn méjì kọjá kí ó tó dé etí àwọn ìyá àgbà. Ẹ kò sọ pé, “Ó ní òun di ọwọ́ ìyá náà mú.” Ohun tí ẹ sọ ni, “Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.” Mo mọ̀ pé bí òfin iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn, pé ògbufọ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mímọ òfin kò dín ìrora irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kù fún ẹni tí yóò gbé e sọ. Nígbà tí agbẹ̀bí náà dákẹ́, ẹ̀yin náà dákẹ́, ẹ kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan dí àlàfo náà. Ìyá kan ní ìlà iwájú yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó rìn lọ bá a, ó sì dì mọ́ ọn. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò bomi la ọ̀rọ̀ nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kan sọ fún dókítà kan pé kò tíì gbẹ̀bí nínú òkùnkùn rí, kí ó rọra máa pàṣẹ, mo rí i tí ojú dókítà náà yí padà bí ó ṣe ń gbọ́ ọ létí, mo sì mọ̀ pé ẹ gbé e fún un bí ó ṣe le. Ìdáhùn rẹ̀ náà kò sì rọ̀ nígbà tí ẹ gbé e padà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbá dára kí ẹ fi oyin díẹ̀ sí i. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá ti fi oyin sí i ni, àwọn méjèèjì ìbá rò pé àwọn ti gbọ́ ara wọn yé, ìpinnu lórí àwọn ibùdó ìbímọ tí kò ní iná mànàmáná kò sì ní wọ inú ìwé wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè méjì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá jókòó nítòsí yàrá yín fún wákàtí kan yóò yí èrò padà, nítorí pé yóò rí i pé ẹ ń gbọ́ gbólóhùn kan bí ẹ ṣe ń sọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, àti pé bí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti pé, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ fún ẹnìkejì yín kí ọpọlọ lè sinmi. Nígbà ìgbẹ́jọ́ àwọn aṣáájú ìjọba Násì ti Jámánì ní Nurẹmbẹ́ẹ̀gì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, níbi tí a ti túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Jámánì lójú ẹsẹ̀, iná aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa ń tàn fún ẹni tí ó bá ń yára sọ̀rọ̀ jù, wọn a sì tan iná pupa bí ó bá pọn dandan kí ó dúró. Mo ti dábàá fún ìgbìmọ̀ pé kí a fi irú iná bẹ́ẹ̀ sí iwájú olùbánisọ̀rọ̀ ní àpérò tí ń bọ̀, wọ́n sì ti gbà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì náà ni ó kọ́ wa.

Ìwé ìpinnu pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba ìdúpẹ́ tirẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì fún wa ní ti Yorùbá kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ tí kò sí nínú àdéhùn tí a jọ ṣe. Àwọn ìyá àgbà ka ìwé náà fúnra wọn, àwọn tí kò mọ̀wé kà sì ní kí a kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò fọwọ́ sí ìwé wa tí wọ́n mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí nítorí náà. A ó san owó iṣẹ́ alẹ́ yẹn lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó wákàtí tí ìpàdé ọjọ́ kẹta fi kọjá àkókò, fún ẹ̀yin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní iye tí ó wà nínú ìwé àdéhùn. Orúkọ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà ní ojú ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọn olùbánisọ̀rọ̀ nínú ìwé àpérò tí a ó tẹ̀, àyàfi bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn yín tí a gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, a kò sì ní gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ fún wa láṣẹ ní kíkọ sílẹ̀. Mo ti so ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí, èyí tí ẹ lè fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́, alága àti igbákejì rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí ẹnìkejì yín tí ó kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹ sì bá mi kí ẹgbẹ́ yín méjèèjì tí wọ́n wà nínú yàrá kejì. A ó tún pàdé ní ọdún tí ń bọ̀, ìgbìmọ̀ sì ti ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín kí a tó mú ọjọ́, kí ó má baà bọ́ sí àkókò tí ọwọ́ yín dí. Ẹ fi oṣù tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ọpẹ́,

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Alákòóso Àpérò