Ìjábọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ tó sọnù ní Ìbàdàn

Sí: Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, nípasẹ̀ máníjà ẹ̀ka wa
Láti ọ̀dọ̀: Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó, ẹ̀ka Ìwó Ròòdù
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, 2025

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù HP aláwọ̀ eérú tí iléeṣẹ́ fún mi, tí nọ́ńbà IB-047 wà nídìí rẹ̀, sọnù lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14. Mo tọrọ àforíjì.

Ibi tó wà kẹ́yìn

Ṣọ́ọ̀bù oníbàárà kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti lò ó kẹ́yìn, ní 4:50. Mo pa á dé, mo tì í sínú àpò dúdú tí mo so aṣọ àǹkárá pupa mọ́ létí, mo sì wọ Máíkírà tó ń lọ sí Ìwó Ròòdù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti há, dírẹ́bà bá gbé àpò náà sí búùtù. Èrò kan sọ̀ kalẹ̀ ní Géètì, ó sì kó ẹrù tirẹ̀. Nígbà tí a dé Ìwó Ròòdù ní 5:40, àpò mi ti di àwátì.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Èyí ló ká mi lára jù. Fáìlì `onibara_osu9.xlsx` wà lójú ẹ̀rọ náà: orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì, BVN àti gbèsè oníbàárà 214. Mo gbé e síbẹ̀ torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lọ́jà, n kò sì fi páásíwọọ̀dù tì í. BitLocker wà lórí ẹ̀rọ, àmọ́ n kò pa ẹ̀rọ náà tán. Mo kàn pa á dé ni, ó ń sùn. Fún ìdí èyí, páásíwọọ̀dù tí mo fi ń wọlé nìkan ló lè dí ẹni tó bá tètè ṣí i lọ́nà. N kò kọ ọ́ sínú àpò. Ẹni tó bá mọ orúkọ èèyàn àti iye tó jẹ, tó wá pè é bí òṣìṣẹ́ wa, wọ́n á gbà á gbọ́.

Ohun tí a ti ṣe

Alága gáréèjì bá mi kéde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà pààrọ̀ páásíwọọ̀dù ímeèlì àti pọ́tálì ẹ̀yáwó mi ní 6:25, wọ́n sì lé ẹ̀rọ náà kúrò lórí àkáǹtì mi. Dùgbẹ̀ náà ni ibi ìkẹyìn tó hàn sí wọn. Kò tíì bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà náà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo rí dírẹ́bà: ó ní ọkùnrin tó sọ̀ ní Géètì kó báàgì méjì, òun rò pé tirẹ̀ ni méjèèjì. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà sun ọlọ́pàá, mo sì ti búra ní kóòtù. Ẹ̀dà ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ máníjà.

Mo ti pe oníbàárà 61 láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ OTP tàbí PIN fún ẹnikẹ́ni. Màmá elélùbọ́ kan ní Bódìjà bi mí bóyá owó àjọ òun ti lọ. Mo ní rárá, BVN nìkan ò lè yọ owó.

Òfin Ààbò Dátà ọdún 2023 fún wa ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o. Ìyẹn parí lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, ní 5:40 ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà jáde lówùúrọ̀. Mo ti kó gbogbo àlàyé tí wọ́n lè béèrè jọ. Èmi ń pe àwọn oníbàárà 153 tó kù lọ.