Ìkànnì gàrí wa ti ṣí: ẹ lè mọ ọjọ́ tí a yan gàrí yín kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Èmi Ìyá Ìbejì, alágàrí Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ń kọ̀wé sí yín. Gbogbo ẹni tó rí lẹ́tà yìí gbà ti ra gàrí lọ́wọ́ wa rí, yálà ẹ yà sí ìsọ̀ wa ni o, tàbí ẹ ní ká fi wébíìlì gbé e wá bá yín l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábùjá.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta: a ti ní ìkànnì tiwa lórí ayélujára. Ọjọ́ Ajé tó kọjá la ṣí i. Ẹ tẹ ibi tí a kọ “Wọlé síbí” sí lókè lẹ́tà yìí, yóò gbé yín débẹ̀. Èdè Yorùbá la fi kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi ṣe é. Lásìkò Iléyá tó kọjá, tí gbogbo ìlú ń múra Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti ibi gbogbo bọ̀ wálé, fóònù mi kò sinmi láti ìdájí títí di òru. Inú ìwé la ń kọ ohun tí oníkálukú fẹ́ sí. Ọ̀kan nínú yín sanwó kóńgò ogún gàrí kíkan dáadáa, a ṣi ojú ìwé wò, a sì fi èyí tí kò kan tó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Kò pariwo. Ó kàn pè mí, ó ní, “Ìyá, gàrí yìí ò ṣe é mu o.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ. Mo fi òmíràn ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìwé àti bírò kò lè gbé wa mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyí. Gàrí tí a bá yan pọ̀ lọ́jọ́ kan, a ti ń fún un ní nọ́ńbà báyìí, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sára àpò. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbi tí a kọ “Gàrí mi” sí, ẹ ó rí ọjọ́ tí a rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀, iye ọjọ́ tó lò nínú àpò kó tó kan, àti ọjọ́ tí a gbé e ka agbada. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé inú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni adùn rẹ̀ wà. A kì í da nǹkan kan sí i kó lè kan, a kì í sì í fi epo pupa sí i. Ẹ̀gẹ́ tí a rin ló ń jókòó nínú àpò lábẹ́ jáàkì, tí omi ń ro jáde, tó ń kan fúnra rẹ̀, tí oró ara ẹ̀gẹ́ náà sì ń dín kù. Ẹni tó bá kánjú kó o kúrò lọ́jọ́ kejì yóò rí gàrí jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Lẹ́yìn náà la óò sẹ́ ẹ, ká yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi gbẹ wínníwínní. Bí kò bá gbẹ, kò ní pẹ́ kó tó bu nínú àpò.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì la pín in sí. Ti ọjọ́ mẹ́ta wà fún ẹni tí ẹ̀bà ló fẹ́ fi tẹ̀. Ti ọjọ́ márùn-ún wà fún ẹni tó fẹ́ fi omi tútù mu ún, pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí ẹja díndín. Tèmi ni ti ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀bà ni o, mímu ni o. Ṣùgbọ́n bí ilé yín bá ní àlejò tí kò mu gàrí Ìjẹ̀bú rí, ti ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè rà á ní kóńgò, ní rọ́bà péńtì tàbí ní àpò. Owó gàrí àti owó wébíìlì yóò jọ hàn sí yín lójú kan náà. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí ilẹ̀ le, tí ẹ̀gẹ́ kò ṣe é fà, owó gàrí á gbẹ́sẹ̀ sókè. Iye tí ẹ bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yàn án, a kò ní yí i padà fún ọjọ́ méjì gbáko, kó tó di pé ẹ sanwó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ la ń gbé ẹrù lọ sí gárèèjì. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ ó rí nọ́ńbà awakọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè lè sanwó láti ibi tó wà, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ síbẹ̀, ọmọ á lọ gbà á.

Kò sí pé ẹ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ti rà láti ọdún méjì sẹ́yìn la ti kó kúrò nínú ìwé lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi ń pè wá ni kí ẹ tẹ̀, a óò fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín láti fi wọlé. Ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa yóò bá a níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí a bá gbàgbé kọ́bọ̀ yín, ẹ pè mí.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan gbé fọ́tò ìsọ̀ wa sórí Wọ́sáàpù, wọ́n sì fi gba owó lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní Ṣágámù. Kò rí gàrí, kò rí owó. A kò yí nọ́ńbà àkáǹtì wa padà, a kò sì ní fi tuntun ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù láé. Inú ìkànnì ni ẹ ó ti máa rí i. Nọ́ńbà mẹ́fà tí mo sọ yẹn náà, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bí ó bá ní èmi lòun.

A kò tíì lè ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹ̀yin tí ayélujára kò sì rọ̀ lọ́rùn, ẹ máa pè bí ẹ ti ń pè. Ọmọ mi obìnrin yóò bá yín kọ ọ́ síbẹ̀. Ìsọ̀ wa l'Ókè-Àjẹ́ kò kúrò níbi tó wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ra odindi àpò lórí ìkànnì kí oṣù yìí tó parí, kóńgò kan wà lórí rẹ̀ fún un. Ti ọjọ́ mẹ́ta tàbí ti ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì alágàrí
Òkè-Àjẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbàgbé: bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà fóònù yín padà láti ìgbà tí ẹ rajà kẹ́yìn, ẹ fèsì sí lẹ́tà yìí kí ẹ tó gbìyànjú àtiwọlé, ká lè fi tuntun sí i.